Bí Ọkọ Kò Bá Sọ Ọ̀rọ̀ Ìfẹ́ Mọ́, Ṣé Ìfẹ́ Ti Ń Tán Ni?

Ẹ jẹ́ ká fi ìyàwó ilé kan ní Ìrolù ṣe àpẹẹrẹ. Ọkọ rẹ̀ kì í pè é ní "olólùfẹ́ mi" mọ́, ṣùgbọ́n kí ó tó jí, ọkọ ti pọnmi sílẹ̀. Lọ́jọ́ ọjà, òun náà ló ń bá a gbé ẹrù dé Ṣàgámù.

A kò gbọdọ̀ fojú kéré irú oore bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Aswad bi Ìyá wa Áíṣà léèrè ohun tí Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) máa ń ṣe nínú ilé, ó ní iṣẹ́ ilé ló máa ń bá àwọn ará ilé rẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tí Àmúrù ọmọ Ásì bi Ànábì léèrè ẹni tó fẹ́ràn jù, orúkọ Áíṣà ló dá. Ó ṣe é, ó sì sọ ọ́.

Nítorí náà, bí ọkọ ṣe ń ṣe oore náà ni ká wò. Bí ó bá ń rántí láìjẹ́ pé a rán an létí, tó sì ń béèrè bí ara ìyàwó ti rí, ẹnu ló dákẹ́, ọkàn kò kúrò. Bí ó bá ń ṣe é bí ẹni tó ń san gbèsè, tí kò sì fẹ́ jókòó ti ìyàwó mọ́, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀.

Kí ìyàwó má fi ẹ̀sùn bẹ̀rẹ̀. Kí ó kọ́kọ́ dúpẹ́ omi, kí ó tó sọ pé: "Bàbá àwọn ọmọ mi, mo rí iṣẹ́ ọwọ́ yín, ṣùgbọ́n etí mi náà fẹ́ gbọ́."