Ṣé Bọ́tìnì Mẹ́ta Lè Gbé Wa Dé Ibi Gbogbo?

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo dúróònù kan tí bọ́tìnì mẹ́ta péré ń darí. Bí a bá tẹ bọ́tìnì kìíní lẹ́ẹ̀kan, yóò lọ mítà 1 sí ìlà-oòrùn, mítà 2 sí àríwá, yóò sì gòkè ní mítà 1. Bọ́tìnì kejì ń gbé e lọ mítà 2 sí ìlà-oòrùn, mítà 5 sí àríwá àti mítà 3 sókè. Bọ́tìnì kẹta ń gbé e lọ mítà 1 sí ìlà-oòrùn àti mítà 1 sí àríwá, kò sì gbé e sókè rárá. A lè tẹ̀ wọ́n ní ìdajì, a sì lè tẹ̀ wọ́n sódì kí dúróònù fà sẹ́yìn. Ṣé ibi gbogbo lójú òfuurufú ni dúróònù yìí lè dé? Ṣé kò sì sí bọ́tìnì tí a lè yọ sọnù kí nǹkan kan má yí padà?

Ohun tí bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan ń ṣe ni àwọn onímọ̀ ìṣirò ń pè ní fẹ́kítọ̀. Wọ́n á kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta báyìí: (1, 2, 1), (2, 5, 3) àti (1, 1, 0). Bí àpapọ̀ àwọn fẹ́kítọ̀ kan bá lè gbéni dé ibi gbogbo, wọ́n kárí àyè náà. Bí kò bá sí ìkankan nínú wọn tí a lè fi àwọn yòókù ṣe, wọ́n dá dúró. Èyí tó bá ṣe méjèèjì ni ìpìlẹ̀ àyè náà: a ó lè fi í dé ibikíbi, ọ̀nà tí a ó sì gbà dé ibẹ̀ kò ní ju ẹyọ kan lọ.

Ojú lásán kò lè dáhùn ìbéèrè yìí. Bọ́tìnì mẹ́ta wa kò jọra, kò sì sí èyí tó jẹ́ ìlọ́po èkejì. Iṣẹ́ dídín ìlà kù ni yóò sọ òótọ́ fún wa. Ọ̀nà yìí ti pẹ́: ó wà nínú ìwé ìṣirò àtijọ́ kan ní ilẹ̀ Ṣáínà tí Liu Hui kọ àlàyé sí ní ọdún 263. Ní ilẹ̀ Jámánì, Gauss lò ó nígbà tó ń ṣírò ipa ọ̀nà Pallas, ọ̀kan nínú àwọn òkúta ńlá tó ń yí oòrùn ká. Wilhelm Jordan, tó jẹ́ onímọ̀ ilẹ̀ wíwọ̀n, tẹ irú rẹ̀ tí a ń kọ́ ní yunifásítì lónìí jáde nínú ìwé rẹ̀ ní 1888.

A ó kọ́kọ́ to àwọn fẹ́kítọ̀ náà ní òòró, kí bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan ní òpó tirẹ̀:

```
1  2  1
2  5  1
1  3  0
```

Ìlà òkè ni ti ìlà-oòrùn, ìlà àárín ni ti àríwá, ti ìsàlẹ̀ sì ni ti gíga. Ohun mẹ́ta ni òfin gbà wá láyè láti ṣe: a lè pààrọ̀ ipò ìlà méjì, a lè fi nọ́ńbà tí kì í ṣe òdo sọ ìlà kan di púpọ̀, a sì lè fi ìlọ́po ìlà kan kún ìlà mìíràn. Gbogbo wọn ló ṣeé tú padà. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í ba àjọṣe àárín àwọn òpó jẹ́: bí òpó kẹta bá jẹ́ àpapọ̀ méjì àkọ́kọ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni yóò rí nígbà tí iṣẹ́ bá parí.

Ẹ yọ ìlọ́po méjì ìlà òkè kúrò nínú ìlà àárín. Ó di 0, 1, −1. Ẹ yọ ìlà òkè kúrò nínú ìlà ìsàlẹ̀. Òun náà di 0, 1, −1. Ìlà méjèèjì ti wá jọra. Bí a bá yọ ìlà àárín kúrò nínú ti ìsàlẹ̀, òdo nìkan ló kù níbẹ̀. Lópin, ẹ yọ ìlọ́po méjì ìlà àárín kúrò nínú ìlà òkè:

```
1  0   3
0  1  −1
0  0   0
```

Nọ́ńbà àkọ́kọ́ tí kì í ṣe òdo nínú ìlà kan ni mo ń pè ní aṣíwájú ìlà náà. Òun ni gbogbo ìdáhùn so mọ́. Bí gbogbo ìlà bá ní aṣíwájú, àwọn fẹ́kítọ̀ náà kárí àyè. Bí gbogbo òpó bá ní i, wọ́n dá dúró. Níbí, ìlà kẹta kò ní, òpó kẹta kò sì ní. Bọ́tìnì wa kùnà nínú ìdánwò méjèèjì.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ọ̀nà yìí ni pé ó tún ń sọ ibi tí wàhálà wà. Ẹ wo òpó kẹta: 3 àti −1. Ó ń sọ fún wa pé bí a bá tẹ bọ́tìnì kìíní lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tí a sì tẹ èkejì sódì lẹ́ẹ̀kan, ibi tí bọ́tìnì kẹta ń gbéni lọ gan-an la ó dé. Ẹ dán an wò: 3 − 2 jẹ́ 1, 6 − 5 jẹ́ 1, 3 − 3 jẹ́ 0. Bọ́tìnì kẹta kò fi nǹkan kan kún agbára dúróònù yìí.

Ìlà tó di òdo náà ní ohun tó ń sọ. Ká pe ibi tí a fẹ́ dé ní (a, b, c), ká kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn òpó náà, ká sì tún iṣẹ́ kan náà ṣe. Ìlà ìsàlẹ̀ yóò di òdo ní ọwọ́ òsì àti a − b + c ní ọwọ́ ọ̀tún. Bí èyí kò bá jẹ́ òdo, kò sí bí a ṣe lè dé ibẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé gíga tí dúróònù yìí bá gòkè gbọ́dọ̀ jẹ́ iye mítà tó lọ sí àríwá, kí a yọ iye tó lọ sí ìlà-oòrùn kúrò. Kò lè gòkè tààrà láti ojú kan, ì báà jẹ́ mítà kan ṣoṣo.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣìnà. Wọ́n rí i pé òpó kìíní àti ìkejì ní aṣíwájú, wọ́n wá mú (1, 0, 0) àti (0, 1, 0) láti inú tábìlì tó ti dín kù, wọ́n ní ìpìlẹ̀ ibi tí dúróònù lè dé nìyẹn. Ṣùgbọ́n (1, 0, 0) ń sọ pé kí dúróònù lọ sí ìlà-oòrùn láìgòkè láìsọ̀kalẹ̀, bẹ́ẹ̀ a − b + c níbẹ̀ jẹ́ 1. Dúróònù wa kò lè dé ibẹ̀. Tábìlì tó dín kù ń sọ ipò òpó tó yẹ ká mú ni. Inú tábìlì àkọ́kọ́ la ó ti lọ mú un, ìyẹn (1, 2, 1) àti (2, 5, 3).

Ẹ jẹ́ ká tún dúróònù náà ṣe. Ẹ yí nọ́ńbà kan ṣoṣo padà: kí bọ́tìnì kẹta di (1, 1, 1). Bí a bá tún dín ìlà kù, ìlà ìsàlẹ̀ yóò di 0, 0, 1. Gbogbo ìlà àti gbogbo òpó ti ní aṣíwájú, bọ́tìnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ti di ìpìlẹ̀. Láti gòkè tààrà ní mítà kan, ẹ tẹ ẹ̀kẹta lẹ́ẹ̀kan, ẹ tẹ èkejì lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì tẹ ẹ̀kíní sódì lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ká ní a kò fún bọ́tìnì kẹta ní odindi mítà 1 sókè ńkọ́, tó jẹ́ 0.000001 péré? Aṣíwájú ìlà ìsàlẹ̀ yóò jẹ́ 0.000001. Kì í ṣe òdo, nítorí náà òfin gbà pé ìpìlẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n láti gòkè ní mítà kan, a ó tẹ bọ́tìnì kẹta àti ìkejì ní ìgbà mílíọ̀nù kan kọ̀ọ̀kan, a ó sì tẹ ẹ̀kíní sódì ní ìgbà mílíọ̀nù mẹ́ta. Àṣìṣe bíńtín nínú ọ̀kan lára wọn lè sọ dúróònù nù. Kọ̀ǹpútà sì máa ń gé ìdí nọ́ńbà oní-dẹ́símà, òdo gidi lè tipa bẹ́ẹ̀ jáde bí nọ́ńbà tín-ín-tín. Nítorí náà, bí ẹ bá rí aṣíwájú tó kéré jọjọ láàárín àwọn nọ́ńbà ńlá, ẹ padà fi ìdá ṣe ìṣirò náà, kí ẹ má fi dẹ́símà ṣe é, kí ẹ tó sọ pé ìpìlẹ̀ ni.