Gígé Etí: Ọ̀nà Pípín Àwòrán Onígun Púpọ̀ sí Onígun Mẹ́ta

Àwòrán onígun púpọ̀ ni èyí tí àwọn ìlà tààrà yí ká, tí ìlà ìkẹyìn sì padà wá pàdé ti àkọ́kọ́. Bí ìlà kankan kò bá dábùú òmíràn, tí kò sì sí ihò nínú rẹ̀, irú tó rọrùn nìyẹn. Kí kọ̀ǹpútà tó kun irú àwòrán bẹ́ẹ̀ lójú máàpù tàbí nínú géèmù, ó sábà máa ń kọ́kọ́ pín in sí onígun mẹ́ta. Bí àwòrán bá ní igun n, onígun mẹ́ta tí yóò jáde nínú rẹ̀ jẹ́ n - 2 gẹ́lẹ́. Gígé etí jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ọ̀nà tó yéni jù láti ṣe ìpín yìí.

Láti mọ etí, a ó mú igun kan àti igun méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ̀kan ṣáájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Bí ìlà tó so igun ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pọ̀ bá gba inú àwòrán kọjá láìkan ìlà mìíràn, etí ni igun àárín. A ó gé e kúrò bí onígun mẹ́ta kan, igun àwòrán yóò sì dín ní ọ̀kan. Ní ọdún 1975, Gary Meisters fi hàn pé gbogbo irú àwòrán yìí tí igun rẹ̀ ju mẹ́ta lọ ní etí méjì, ó kéré tán. Nítorí náà, títí yóò fi ku onígun mẹ́ta kan ṣoṣo, etí tí a ó gé kò ní wọ́n.

Ohun àkọ́kọ́ tí a ń wò lára igun ni bóyá ó yọ síta tàbí ó tẹ̀ wọnú. Ẹni tó bá ń rìn yí ọgbà ká, tí ọgbà náà wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀, yóò yà sí òsì ní igun tó yọ síta, yóò sì yà sí ọ̀tún ní igun tó tẹ̀ wọnú. Kọ̀ǹpútà ń fi ìṣirò kan mọ ibi tí a yà sí. Ó gba igun mẹ́ta tó tẹ̀ léra, 1, 2 àti 3, ó sì ṣírò s fún igun àárín:

```
s = (x2-x1)*(y3-y2) - (y2-y1)*(x3-x2)
```

Bí s bá ju òdo lọ, igun náà yọ síta. Bí ó bá kéré sí òdo, ó tẹ̀ wọnú, kò sì lè jẹ́ etí. Bí ó bá jẹ́ òdo, igun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lórí ìlà kan náà.

Ẹ jẹ́ ká wo àwòrán onígun márùn-ún yìí: A (0,0), B (6,0), D (6,4), E (3,1) àti F (0,4). Ní E, s jẹ́ (-3)*3 - (-3)*(-3), èyí tó jẹ́ -18, nítorí náà E tẹ̀ wọnú. Àwọn mẹ́rin yòókù ni wọ́n yọ síta.

Ṣùgbọ́n yíyọ síta nìkan kò sọ igun di etí. A yọ síta, s rẹ̀ sì jẹ́ 24, síbẹ̀ E wà nínú onígun mẹ́ta F-A-B. Bí a bá gé A, a ó gé ibi tí kì í ṣe ara àwòrán mọ́ ọn. Bákan náà ni B rí, nítorí E wà nínú A-B-D. Àyẹ̀wò kejì nìyí: kò gbọdọ̀ sí igun mìíràn nínú onígun mẹ́ta tí a fẹ́ gé. Àwọn igun tó tẹ̀ wọnú nìkan ló tó láti yẹ̀ wò, nítorí bí igun kankan bá wà nínú rẹ̀, ọ̀kan lára irú wọn kò ní ṣàì sí níbẹ̀.

D ló yege. Kò sí igun kankan nínú B-D-E, a sì gé e. Ó wá ku A, B, E àti F. Igun méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí a gé nìkan ni a ní láti tún ṣírò. Ní B, s di 6; ní E, ó di -6. B, tí kì í ṣe etí tẹ́lẹ̀, ti di etí báyìí, nítorí F kò sí nínú A-B-E. A gé B, ó sì ku A-E-F. Onígun mẹ́ta mẹ́ta ló jáde, bí 5 - 2 ti wí. Fífẹ̀ wọn jẹ́ 6, 3 àti 6, àpapọ̀ rẹ̀ 15, èyí tó bá ti odindi àwòrán mu. Bí àpapọ̀ yìí kò bá dọ́gba, àṣìṣe wà níbì kan.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí a to igun náà bí ọwọ́ aago ṣe ń yí. Àmì gbogbo s yóò yí padà, igun tó yọ síta yóò sì dà bí èyí tó tẹ̀ wọnú. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ ṣírò fífẹ̀ àwòrán pẹ̀lú àmì rẹ̀. Bí ó bá kéré sí òdo, ẹ yí ètò igun padà. Bí kọ̀ǹpútà bá yí gbogbo igun ká láìrí etí, ó ṣeé ṣe kí ìlà kan dábùú òmíràn, tàbí kí igun kan ti wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Kí ètò náà dúró níbẹ̀ kí ó sì sọ bẹ́ẹ̀, kí ó má baà máa yí lọ láìdáwọ́ dúró. Igun tí s rẹ̀ jẹ́ òdo ni kí a yọ kúrò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Nípa àkókò, bí a bá ń tún igun ẹ̀gbẹ́ méjèèjì nìkan ṣe lẹ́yìn gígé kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ náà ń pọ̀ bí n lọ́nà n. Bí igun bá di ìlọ́po mẹ́wàá, iṣẹ́ lè di ìlọ́po ọgọ́rùn-ún. Fún àwòrán tí igun rẹ̀ kò pọ̀ púpọ̀, kò ní lára. Fún èyí tó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún igun, àwọn ọ̀nà mìíràn wà tó yára jù ú lọ.