Owó Tó Wọ Báńkì Kì Í Ṣe Èrè: Ọ̀rọ̀ fún Ẹni Tó Ń Tajà Lórí Wásáàpù

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, ọ̀kan nínú yín tó ń ta àdìrẹ lórí Wásáàpù láti Mayfair níbí ló bi mí pé, "Bàbá, ṣé gbogbo owó tó wọ àkáǹtì mi ni ìjọba máa gba owó-orí lé lórí?" Rárá o. Ṣùgbọ́n ìwé tí ó bá ń kọ nìkan ló lè jẹ́rìí sí i pé rárá ni.

Orúkọ ni ká kọ́kọ́ yanjú. Òfin iléeṣẹ́ ti ọdún 2020 sọ pé ẹni tó bá ń fi orúkọ ara rẹ̀ àti ti ìdílé rẹ̀ ṣòwò, tí kò fi nǹkan kan kún un, kò pọn dandan kó forúkọ òwò sílẹ̀. Bí Adéọlá Fátókí bá ń tajà bí "Adéọlá Fátókí", ó parí. Bó bá ti di "Adéọlá Aláàdìrẹ", ọ̀rọ̀ ti wọ orúkọ nìyẹn. Ó gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ CAC láàárín ọjọ́ 28 tó bẹ̀rẹ̀ òwò. Orí ayélujára ni wọ́n ti ń ṣe é. Lẹ́yìn ọdún tó forúkọ sílẹ̀, yóò máa fi ìròyìn ọdọọdún ránṣẹ́ sí CAC kí ọjọ́ 30 oṣù kẹfà tó kọjá.

Ẹ má ṣi orúkọ òwò mú fún kọ́ńpìnnì o. Ẹni ọ̀tọ̀ ni kọ́ńpìnnì lójú òfin. Orúkọ òwò kàn dà bí aṣọ tí ẹnì kan wọ̀ ni, ẹni náà ṣì wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, èrè Adéọlá Aláàdìrẹ, èrè Adéọlá fúnra rẹ̀ ni. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tó ń gbé ni yóò san owó-orí rẹ̀ fún, ì báà jẹ́ Èkó tàbí Àbújá làwọn oníbàárà rẹ̀ wà.

Òfin owó-orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2026 kò gba nǹkan kan lórí ₦800,000 àkọ́kọ́. ₦2,200,000 tó tẹ̀ lé e, náírà 15 nínú 100; ₦9,000,000 tó tún tẹ̀ lé ìyẹn, náírà 18 nínú 100.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò ọdún àkọ́kọ́ Adéọlá. ₦4,850,000 ló wọ àkáǹtì rẹ̀. Nínú rẹ̀, ₦300,000 jẹ́ owó iléèwé tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ránṣẹ́ fún àwọn ọmọ, ₦250,000 sì jẹ́ àjọ tirẹ̀ tó kó. Àwọn méjèèjì kì í ṣe owó ọjà. Ó ku ₦4,300,000.

Ó ra aṣọ ₦2,600,000 ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta, ṣùgbọ́n aṣọ ₦300,000 ṣì wà nílẹ̀ nígbà tí ọdún parí. ₦2,300,000 péré ló lè yọ. Ti èyí tó ṣẹ́ kù di ọdún tí yóò tà á. Ibí yìí lọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe. Ó san ₦350,000 fáwọn awakọ̀ tó ń gbé ẹrù, ₦150,000 fún dátà àti ìpolówó, ó sì dá ₦50,000 padà fáwọn tó dá ọjà padà. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦2,850,000. Èrè rẹ̀ jẹ́ ₦1,450,000.

Òfin tún gbà á láyè láti yọ ìdá kan nínú márùn-ún owó ilé tó ń san, bí kò bá ti ju ₦500,000 lọ. Owó ilé rẹ̀ jẹ́ ₦250,000, ó yọ ₦50,000. Ó ku ₦1,400,000. Yọ ₦800,000 àkọ́kọ́, ó ku ₦600,000. Owó-orí rẹ̀ jẹ́ ₦90,000.

Bí kò bá ní ìwé kankan ńkọ́? Òfin gba àwọn agbowó-orí láyè láti fojú díwọ̀n rẹ̀, àkáǹtì báńkì sì ni ohun tó wà nílẹ̀ fún wọn láti wò. Tí wọ́n bá ka gbogbo ₦4,850,000 sí èrè, owó-orí yóò di ₦663,000.

Kò gba ìmọ̀ ìṣirò ńlá. Ìwé ọlọ́pọ̀ ìlà kan tó. Lójoojúmọ́, kọ ọjọ́, ẹni tó rà, ohun tó rà, iye tó san àti ọ̀nà tó gbà san. Ní ojú ìwé kejì, kọ ohun tí o ná, kí o sì fi rìsíìtì rẹ̀ pamọ́. Bí ẹbí bá fowó ránṣẹ́, kọ "ẹbí" sí i lọ́jọ́ náà gan-an, torí lẹ́yìn oṣù mẹ́wàá o ò ní rántí mọ́. Nígbà tí oṣù bá parí, gba àkọsílẹ̀ báńkì, kí o fi wé ìwé rẹ. Owó tó bá wà ní báńkì tí kò sí nínú ìwé, ọjà tí o gbàgbé láti kọ ni, tàbí owó tí kì í ṣe ti ọjà. Wá ìdí rẹ̀ lóṣù yẹn. Yóò tún rọrùn bí o bá ya àkáǹtì òwò sọ́tọ̀.

Ìròyìn owó tó wọlé lọ́dún 2026 gbọ́dọ̀ dé iléeṣẹ́ owó-orí ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kí ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 2027 tó kọjá. Ẹni tó bá dúró dìgbà náà kó tó wá ìwé rà, àlá ni yóò máa kọ sínú rẹ̀.