Ojú ara gbẹ, iṣan sì di: ìrora tí ọ̀pọ̀ ìyá ń fi pamọ́

Láti ìgbà tí àjọ tó ń ṣàkóso oúnjẹ àti oògùn nílẹ̀ Amẹ́ríkà ti kéde ní ọjọ́ 10 oṣù Kọkànlá ọdún 2025 pé àwọn máa yọ ìkìlọ̀ ńlá tó wà lára oògùn ẹ́sítírójìn kúrò, oògùn tí wọ́n ń gbé mì ni ọ̀rọ̀ pọ̀ lé lórí. Èyí tó kéré jù nínú wọn ló jẹ mí lógún: ìpara àti hóró tín-ín-rín tí obìnrin ń fi sí ojú ara. Ìyá kan tó ń ta gààrí ní ọjà Ìlọrá ló mú kí n máa rò ó.

Ọmọ ọdún 53 ni. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tó ti rí nǹkan oṣù kẹ́yìn. Ó gbé àwo ìwọngààrí sílẹ̀, ó fa àga mi sún mọ́ tirẹ̀, ó ní: "Àbúrò mi, bí bàbá wọn bá ti sún mọ́ mi, ńṣe ló ń ta mí bí ẹni pé wọ́n fi ata ra mí lábẹ́. Mo ti wá ń díbọ́n pé mo ti sùn." Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan sọ fún un pé àsìkò ló tó, pé kó fi nǹkan yẹn sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé. Òmíràn fún un ní álọ́ọ̀mù pé kó fi ṣan abẹ́, "kó lè fún". Mo fẹ́ kí ẹ fọkàn sí ìmọ̀ràn kejì yìí, torí òun ló lè pa á lára jù.

Ẹ rántí àmù tí àwọn ìyá wa máa ń gbé sí kọ̀rọ̀ yàrá. Omi inú rẹ̀ máa ń là gba ara amọ̀ jáde, tí ẹ̀yìn rẹ̀ á fi máa tutù. Bí omi bá lọ sílẹ̀ nínú rẹ̀, ẹ̀yìn á gbẹ. Bí ojú ara obìnrin ṣe ń rin nìyẹn. Bí ara bá ń fẹ́, ẹ̀jẹ̀ á ya wá sí ara ògiri ibẹ̀, omi inú ẹ̀jẹ̀ náà á sì máa là jáde díẹ̀díẹ̀. Ẹ́sítírójìn ló ń mú kí ẹ̀jẹ̀ náà pọ̀ tó. Òun náà ló ń mú kí awọ inú ibẹ̀ nípọn, ní ìpele lórí ìpele. Inú awọ tó nípọn yìí ni súgà wà tí àwọn kòkòrò rere ibẹ̀ ń jẹ, tí wọ́n sì fi ń ṣe kíkan díẹ̀ tó ń lé kòkòrò burúkú sẹ́yìn. Bí nǹkan oṣù bá dúró, ẹ́sítírójìn á lọ sílẹ̀, awọ á fẹ́lẹ́, ẹ̀jẹ̀ á dín, kíkan náà á dín. Ìdí nìyẹn tí ìtọ̀ fi lè máa ta obìnrin kan náà, tàbí kó máa tọ̀ lemọ́lemọ́. Ooru tó ń bo obìnrin lójijì nígbà yẹn sábà máa ń rọlẹ̀ bí ọdún bá ti ń gorí ọdún, ṣùgbọ́n gbígbẹ yìí kì í sábà lọ fúnra rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ abiyamọ tó ń fọ́mọ lọ́mú kò yàtọ̀. Họ́mọ̀nù tó ń mú kí wàrà wá, ìyẹn pírólákítìn, máa ń tẹ ẹ́sítírójìn mọ́lẹ̀. Obìnrin ọdún 26 tó bímọ lóṣù mẹ́rin sẹ́yìn lè gbẹ bí ìyá rẹ̀ tó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Tirẹ̀ máa ń yí padà nígbà tó bá dín ọmú fífún kù tàbí tí nǹkan oṣù rẹ̀ bá padà dé.

Àwọn àgbà Yorùbá ní ọ̀nà tiwọn láti gba àkókò yìí kọjá. John àti Pat Caldwell, tọkọtaya kan tó ń ṣèwádìí nípa iye ènìyàn, kọ nípa rẹ̀ lọ́dún 1977: láyé àtijọ́, ìyá ọmọ kì í bá ọkọ sùn títí ọmọ á fi kúrò lẹ́nu ọmú, ìyẹn tó ọdún méjì sí mẹ́ta. Àwọn àgbà ní àtọ̀ ń ba wàrà jẹ́. Obìnrin tó bá sì ti ní ọmọ-ọmọ, ó ti ṣíwọ́ nìyẹn, kí òun àti ọmọ rẹ̀ má baà jọ gbóyún kiri. Nítorí ọmọ ni wọ́n ṣe gbé àṣà náà kalẹ̀, ṣùgbọ́n èrò tèmi ni pé ó tún bo ìrora yìí mọ́lẹ̀. Àkókò tí ojú ara gbẹ jù gan-an ni wọ́n yà sọ́tọ̀, kò wá sí ohun tí ìyá á fi bá ọmọ rẹ̀ sọ ọ́. Lónìí tọkọtaya ń padà sórí ẹní kan náà láàárín oṣù díẹ̀, ìyá àgbà náà ò sì ṣíwọ́ mọ́, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó ní ìmọ̀ràn tí wọ́n á gbà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá díjú nìyí. Ìpara lè wo gbígbẹ sàn kí ìrora má lọ. Lábẹ́ wa, láti egungun iwájú dé egungun ìdí, iṣan kan wà tó tẹ́ bí àkéte aláṣọ tí wọ́n so mọ́ igi méjì. Òun ló gbé àpò ìtọ̀, ilé ọmọ àti ìfun dúró, ojú ara sì gba àárín rẹ̀ kọjá. Ó yẹ kó lè fún, ó sì yẹ kó lè tú. Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó rí ekòló, á sá. Bí ìbálòpọ̀ bá ti dun obìnrin lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́rin, iṣan yìí á ti máa di kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Kì í ṣe pé obìnrin náà ń ṣe orí kunkun. Iṣan náà kì í bi í kó tó di. Bó sì ṣe di, ọ̀nà á há, ìrora á pọ̀ sí i, iṣan á tún rí ìdí láti di lọ́jọ́ mìíràn. Gígé tí wọ́n gé abiyamọ nígbà ìbímọ, tí wọ́n sì rán, tún lè ṣokùnfà rẹ̀, pàápàá bí àpá náà bá le.

Ẹ wá wo álọ́ọ̀mù. Ohun tó ń fa omi kúrò lára awọ ni. Awọ tó ti fẹ́lẹ́ tó sì ti gbẹ ni wọ́n tún ń fà á lómi, orí iṣan tó ti di jù ni wọ́n sì ń wá "kó fún" sí. Ó lè bó awọ náà. Omi gbígbóná janjan tí wọ́n máa ń ní kí ìyá ọmọ jókòó sí lè jó o bákan náà. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lásán kò ní wàhálà.

Àṣìṣe mìíràn wà tí àwọn olùtọ́jú ìlera pàápàá ń ṣe. Arnold Kegel, dókítà ará Amẹ́ríkà kan, kọ lọ́dún 1948 nípa eré ìdárayá tí obìnrin fi ń fún iṣan yìí pọ̀ bí ẹni tó ń dá ìtọ̀ dúró. Ó dára fún ẹni tí ìtọ̀ ń já lé lára torí iṣan rẹ̀ dẹ̀. Fún ẹni tí iṣan tirẹ̀ kọ̀ tí kò tú, ó máa ń dá kún ìrora ni.

Báwo ni obìnrin ṣe lè mọ èyí tó ń ṣe é? Bó bá jẹ́ ẹnu ọ̀nà ló ń ta bí egbò tí ata kàn, tí ara ibẹ̀ ń yún tàbí tó ń ya, gbígbẹ ló jọ. Bó bá dà bí ẹni pé nǹkan kọlu ògiri tí kò sí ọ̀nà, tí abẹ́ sì ń ro ó títí di ọjọ́ kejì, tí ìtọ̀ kì í tètè bẹ̀rẹ̀ tàbí tí ìgbẹ́ ń há, iṣan ló jọ. Méjèèjì lè wà pọ̀, bíi ti ìyá wa ní Ìlọrá. Ìrora tó jinlẹ̀ nínú ikùn jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn, ó lè jẹ́ ìju tàbí àkóràn. Ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbálòpọ̀, tàbí ẹ̀jẹ̀ èyíkéyìí lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti dúró fún ọdún kan, ilé ìwòsàn ni kí obìnrin gbà lọ, kó má fi jẹ́lì bò ó. Ó lè jẹ́ àmì jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ tàbí ti ilé ọmọ fúnra rẹ̀.

Fún gbígbẹ, jẹ́lì tí wọ́n fi omi ṣe la fi ń bẹ̀rẹ̀. Kó pọ̀ dáadáa, kí tọkọtaya méjèèjì fi ra ara, kí wọ́n sì tún fi sí i bó bá gbẹ. Àwọn kan ń lo òrí tàbí òróró àgbọn. Ẹ̀rí tó wà lórí wọn kò pọ̀. Bí wọ́n bá mọ́ tí wọn kò sì ní òórùn-dídùn nínú, n kò rò pé wọ́n burú fún ẹni tí wọn kò ta, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń jẹ kọ́ńdọ̀mù rọ́bà, ó sì lè bẹ́.

Bí jẹ́lì kò bá tó, ẹ́sítírójìn ojú ara ló kàn, nípasẹ̀ dókítà. Ìkìlọ̀ tí Amẹ́ríkà ní àwọn máa yọ yìí ti inú ìwádìí ńlá kan wá, èyí tí wọ́n dá apá kan rẹ̀ dúró lọ́dún 2002. Àwọn obìnrin tó wà nínú apá náà lé ní 16,000, ọjọ́ orí wọn tó ọdún 63 ní ìpíndọ́gba, họ́mọ̀nù méjì pa pọ̀ ni àwọn tí wọ́n fún ní oògùn nínú wọn sì ń gbé mì lójoojúmọ́. Wọn kò dán ti ojú ara wò níbẹ̀, síbẹ̀ wọ́n lẹ ìkìlọ̀ kan náà mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Hóró ojú ara kan ní máíkírógíráàmù 10. Alaalẹ́ ni wọ́n ń lò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì, ìyẹn hóró 14, lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 50 tó kù, ìyẹn 100. Hóró 114 lọ́dún, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mílígíráàmù kan àti díẹ̀. Mílígíráàmù kan yẹn ni ẹlòmíràn ń gbé mì lọ́jọ́ kan péré. Ẹni tó ti ní jẹjẹrẹ ọmú rí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá dókítà tó ń tọ́jú jẹjẹrẹ náà sọ̀rọ̀. Kì í ṣe gbogbo ilé oògùn ló ń ní in, bó bá sì wà, kí ẹ wo nọ́mbà NAFDAC lára rẹ̀. Ó máa ń gba ọ̀sẹ̀ díẹ̀, nígbà mìíràn ọ̀sẹ̀ 12, kí awọ tó nípọn padà.

Fún iṣan, títú ni kí obìnrin kọ́. Kó dùbúlẹ̀ sẹ́yìn, kó ká orúnkún, kó gbé ọwọ́ lé ikùn. Kó fa èémí sí imú títí ikùn á fi gbé ọwọ́ sókè, kó sì jẹ́ kí abẹ́ sọ̀ kalẹ̀ bí ìgbà tí ìtọ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Kó mí síta láì fún un pọ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún láàárọ̀, márùn-ún lálẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, kó fọ ọwọ́, kó fi jẹ́lì ra àtàǹpàkò, kó fi sí ẹnu ojú ara, kó tẹ̀ ẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ sí ìhà ìdí títí á fi gbọ́ pé ó ń fà, kì í ṣe pé ó ń dùn. Kó dúró síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Bó bá tú, àtàǹpàkò á mọ̀ ọ́n. Ẹni tí wọ́n rán gbọ́dọ̀ dúró kí ojú rírán jinná, kó sì jẹ́ kí wọ́n yẹ òun wò ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Àwọn oníṣègùn fisiotẹ́rápì ló mọ iṣẹ́ yìí jù. Láti ọdún 1966 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ wọn, ẹni tó wà ní Ìlọrá sì lè gba ọ̀nà Ìbàdàn lọ béèrè ní UCH.

Ìyá onígààrí wọ ọkọ̀ lọ. Dókítà fún un ní ìpara. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹfà, ó ní títa náà ti lọ, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ṣì wà ní títì. Oníṣègùn fisiotẹ́rápì ló kọ́ ọ ní èémí, wọ́n sì ní kí bàbá má tíì gbìyànjú wíwọlé fún oṣù kan. Bàbá ló ń ka ìṣẹ́jú márùn-ún náà fún un lórí fóònù rẹ̀ lálaalẹ́. Nígbà tí mo tún padà ra gààrí, ó wọ̀n ún tán kó tó sọ pé òun kò díbọ́n oorun mọ́.