Bí a ṣe lè bo dúdú abẹ́ ojú láìjẹ́ kí ojú hàn bí eléérú

Ní Sábọ́n Gàrí, ìlú Kánò, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá fi ṣe ilé, ọjà ńlá kan wà tí wọ́n fi orúkọ olóògbé Gómìnà Abúbákàr Rímì sọ. Ẹni tó bá lọ síbẹ̀ ra kọnsílà, ìyẹn ìpara tí a fi ń bo àbàwọ́n ojú, lè rò pé èyí tó mọ́lẹ̀ ju ara òun lọ ni yóò bo dúdú abẹ́ ojú. Àṣìṣe ni. Òun gan-an ló máa ń sọ abẹ́ ojú di eléérú.

Kí ló fà á? Lẹ́búlẹ́bú funfun pọ̀ nínú ìpara tó mọ́lẹ̀. Bí a bá po ẹfun mọ́ èédú, àwọ̀ eérú ló máa jáde. Bákan náà ló rí tí ìpara yìí bá bo ohun dúdú.

Kọrẹ́kítọ̀ ló yẹ kó ṣáájú. Dúdú abẹ́ ojú sábà máa ń ní àwọ̀ aró nínú, àwọ̀ ọsàn ló sì ń pa aró. Ẹni tó pọ́n díẹ̀ lè lo àwọ̀ ọsàn tó ṣì mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n lára ẹni tó dúdú, funfun inú irú èyí yóò tún mú eérú wá. Àwọ̀ ọsàn tó pọ́n bí epo pupa ló bá a mu.

Ẹ jẹ́ kí a fi obìnrin kan tó dúdú bí kóró iṣin ṣe àpẹẹrẹ. Kí ó fi ìpara tí kì í ta ojú pa abẹ́ ojú rẹ̀, kí ó jẹ́ kó gbẹ. Kí ó mú kọrẹ́kítọ̀ tí kò ju hóró ìrẹsì kan lọ fún ojú méjèèjì, kí ó fi ìka òrùka tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ sí ibi tó dúdú nìkan. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, kí ó fi kọnsílà tó bá àwọ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ mu gẹ́lẹ́ bò ó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bí eérú bá ṣì hàn, kọnsílà náà ló mọ́lẹ̀ jù. Bí àwọ̀ ọsàn bá ń yọ, kọrẹ́kítọ̀ ló pọ̀ jù. Àtíkè funfun pẹ̀lú lè ba iṣẹ́ náà jẹ́, pàápàá nínú fọ́tò. Èyí tó ní àwọ̀ ara ni kí ó lò.

Bí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ má ṣe dán an wò lẹ́yìn ọwọ́, nítorí àwọ̀ ọwọ́ àti ti ojú kì í dọ́gba. Ẹ fi díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àgbọ̀n, kí ẹ sì jáde sí ìmọ́lẹ̀ oòrùn. Ẹ dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, nítorí àwọn kan máa ń yí àwọ̀ padà tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí wọn. Ẹ má fi èyí tí gbogbo ènìyàn ti tọwọ́ bọ̀ kan abẹ́ ojú, kí ẹ má baà kó apòlò. Kí ẹ sì wo nọ́ńbà àjọ NAFDAC lára rẹ̀.

Ohun kan wà tí ìpara kò lè ṣe. Bí abẹ́ ojú bá jìn wọnú, òjìji ni dúdú rẹ̀, kò sí ọ̀dà tó lè pa òjìji rẹ́. Bí ojú bá ń yún yín lásìkò ọyẹ́, tí ẹ sì ń fọwọ́ ra á, dúdú náà lè máa pọ̀ sí i. Bí ó bá sì jẹ́ ojú kan ṣoṣo ló dúdú lójijì, tàbí tó wú, ọ̀dọ̀ dókítà ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ.