Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Ẹjọ́ Ẹ̀pà Sùdáànì àti Ìwé Àdéhùn Oníṣòwò

Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹwàá ọdún 1956, ilé iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Tsakiroglou tọwọ́ bọ ìwé pé òun yóò ta 300 tọ́ọ̀nù ẹ̀pà Sùdáànì fún ilé iṣẹ́ Noblee Thörl ní ìlú Hámbọ̀ọ̀gì, lórílẹ̀-èdè Jámánì. Àádọ́ta pọ́n-ùn ni tọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan. Owó ẹ̀pà, owó ọkọ̀ òkun títí dé Hámbọ̀ọ̀gì àti owó inṣọ́ránsì ló wà nínú àádọ́ta pọ́n-ùn náà. Olùtajà ni yóò wá ọkọ̀, òun náà ni yóò sanwó rẹ̀. Wọ́n fẹnu kò pé inú oṣù kọkànlá tàbí oṣù kejìlá ni wọn yóò kó ẹ̀pà sínú ọkọ̀ ní èbúté Pọ́ọ̀tù Sùdáànì. Ọ̀nà tí ọkọ̀ náà yóò gbà kò sí nínú ìwé. Gbogbo ẹni tó ń kẹ́rù láti Òkun Pupa lọ sí Yúróòpù ló mọ̀ pé ipa omi Súẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ń gbà, nítorí náà kò sẹ́ni tó rántí kọ ọ́.

Kí oṣù náà tó parí, Ísírẹ́lì ti gbógun wọ Íjíbítì, Bìrìtéènì àti Faransé sì ti dá sí i. Íjíbítì ri ọkọ̀ sínú ipa omi náà. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì oṣù kọkànlá, Súẹ́ẹ̀sì ti dí pa, kò sì ṣí títí di oṣù kẹrin ọdún 1957.

Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí ẹ̀pà wà lọ́jọ́ náà. Ó wà nílẹ̀ ní Pọ́ọ̀tù Sùdáànì, nínú ilé ìkẹ́rùsí, wọ́n ti rà á tán. Olùtajà ti gba àyè sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tó yẹ kó yà síbẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀, àwọn ọlọ́kọ̀ fagi lé àyè náà. Ọ̀nà tó kù ni kí ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí gúúsù, kó yí gbogbo Áfíríkà po láti ẹsẹ̀ ilẹ̀ náà, kó tó gòkè lọ sí Yúróòpù. Láti Pọ́ọ̀tù Sùdáànì dé Hámbọ̀ọ̀gì, bí a bá gba Súẹ́ẹ̀sì, 4,386 máìlì ni. Bí a bá yí Áfíríkà po, ó di 11,137. Owó ọkọ̀ tó jẹ́ pọ́n-ùn méje àti ṣílè mẹ́wàá lórí tọ́ọ̀nù kan gba ìdámẹ́rin lé lórí lọ́jọ́ kẹwàá oṣù kọkànlá, nígbà tó sì di ọjọ́ kẹtàlá oṣù kejìlá ó ti di ìlọ́po méjì, pọ́n-ùn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbáko.

Olùtajà ní òun kò kó o mọ́. Ohun méjì ló dì mú. Ó ní ìwé àdéhùn ní gbólóhùn kan tó gba òun sílẹ̀, ìyẹn gbólóhùn tí àwọn lọ́yà ń pè ní fọ́ọ̀sì majọ̀ọ́, tó túmọ̀ sí agbára tó ju ti ẹni lọ. Ó tún ní bí gbólóhùn náà kò bá tilẹ̀ gba òun, àdéhùn yẹn ti kú fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ tí Súẹ́ẹ̀sì dí. Ikú àdéhùn yìí ni òfin Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní fọ́rọsitiréṣọ̀n.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń pa ohun méjèèjì yìí pọ̀, bẹ́ẹ̀ wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Fọ́ọ̀sì majọ̀ọ́, lábẹ́ òfin Gẹ̀ẹ́sì, inú ìwé ló ń gbé. Bí ẹ kò bá kọ ọ́, kò sí. Bí ẹ bá sì kọ ọ́, ohun tí ẹ kọ gan-an ni kóòtù yóò kà. Fọ́rọsitiréṣọ̀n ní tirẹ̀ kò nílò ìkọ̀wé. Òfin fúnra rẹ̀ ló ń sọ pé ohun tó ṣẹlẹ̀ ti sọ iṣẹ́ tí ẹni yìí gbà di iṣẹ́ mìíràn pátápátá, tí kò jọ èyí tó ṣèlérí rẹ̀ mọ́. Àpẹẹrẹ rẹ̀ tó pẹ́ jù ni gbọ̀ngàn orin kan ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ẹnì kan háyà ṣùgbọ́n tí iná jó kó tó dé ọjọ́ àríyá. Ní ọdún 1863, kóòtù sọ pé kò sí gbọ̀ngàn mọ́, kò sí àdéhùn mọ́, kò sẹ́ni tó jẹbi.

Ẹjọ́ ẹ̀pà náà ti ọwọ́ àwọn onílàjà nídìí òwò epo àti irúgbìn dé kóòtù, ó sì gòkè títí dé ọ̀dọ̀ àwọn adájọ́ àgbà ní Ilé Ìgbìmọ̀ Àwọn Lọ́ọ̀dù ní ọdún 1961. Gbólóhùn fọ́ọ̀sì majọ̀ọ́ ni kí a kọ́kọ́ wò, torí ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ tó dùn mí jù wà. Gbólóhùn náà dárúkọ ogun, ó dárúkọ ìdènà ojú omi, ó ní bí irú rẹ̀ bá dí kíkó ẹrù sọ́kọ̀ lọ́wọ́, kí wọ́n sún àkókò síwájú títí dé oṣù méjì, bí wàhálà náà kò bá sì tíì tán, kí àdéhùn parí. Ta ni yóò ka èyí tí kò ní sọ pé olùtajà ti bọ́? Ogun kúkú ni. Ṣùgbọ́n àwọn adájọ́ bi ara wọn pé kí ni ogun náà dí lọ́wọ́. Kíkó ẹrù sọ́kọ̀ ni ìwé sọ, kíkó ẹrù sọ́kọ̀ sì ni pé kí ẹ̀pà wọ inú ọkọ̀ ní Pọ́ọ̀tù Sùdáànì. Kò sí ogun ní Pọ́ọ̀tù Sùdáànì. Ẹ̀pà wà níbẹ̀, ọkọ̀ tó lè gba ọ̀nà gúúsù kò wọ́n. Ibi tí ọ̀nà ti dí jìnnà sí èbúté náà, gbólóhùn yẹn kò sì dé ibẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ikú àdéhùn. Olùtajà ní gbogbo wa la mọ̀ pé Súẹ́ẹ̀sì là ń gbà, nítorí náà kí ilé ẹjọ́ kà á bí ẹni pé ó wà nínú ìwé. Àwọn adájọ́ kọ̀. Wọ́n ní bí ọ̀nà tí a mọ̀ bá dí, kí olùtajà gba èyí tó bọ́gbọ́n mu tó ṣì ṣí. Òwe wa sì ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Wọ́n wò ó bóyá ìrìn gígùn yóò ba ẹ̀pà jẹ́. Kò ní bà á jẹ́. Wọ́n wò ó bóyá wọ́n dá ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ dé Hámbọ̀ọ̀gì. Wọn kò dá a. Bóyá oníbàárà ní ìpalára kan bí ẹrù bá pẹ́ lójú omi, kò ní. Ohun tó kù kò ju owó lọ, owó tó pọ̀ sí i kì í sì í pa àdéhùn.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Owó ọkọ̀ tó fi pọ̀ sí i, lẹ́yìn tó di ìlọ́po méjì pàápàá, jẹ́ pọ́n-ùn méje àtààbọ̀ lórí tọ́ọ̀nù kan. Lórí 300 tọ́ọ̀nù, 2,250 pọ́n-ùn ni. Nítorí ogun náà, ẹ̀pà wọ́n lọ́jà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní ọdún 1957, tọ́ọ̀nù kan ti di pọ́n-ùn 68 àti ṣílè mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín iye yìí àti àádọ́ta tí wọ́n jọ ṣe ni wọ́n ní kí olùtajà san fún oníbàárà: 5,625 pọ́n-ùn, owó lọ́yà ọdún mẹ́rin kò sí nínú rẹ̀. Ẹni tó sá fún 2,250 ló sanwó tó ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ.

Ẹjọ́ mìíràn jáde láti inú omi Súẹ́ẹ̀sì kan náà. Ọkọ̀ kan tí ń jẹ́ Eugenia kó irin láti Òkun Dúdú lọ sí Íńdíà. Àwọn tó háyà rẹ̀ jẹ́ kó wọ ipa omi náà nígbà tí ogun ti ń jó, bẹ́ẹ̀ ìwé wọn ti sọ pé wọn kò gbọ́dọ̀ mú un wọ ibi eléwu láìgba àṣẹ olówó ọkọ̀. Ó há síbẹ̀. Wọ́n ní àdéhùn ti kú. Ní ọdún 1963, Lọ́ọ̀dù Denning àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní rárá: ẹni tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ inú ìdíwọ́ kò lè fi ìdíwọ́ náà bẹ̀bẹ̀. Wọ́n sì fi kún un pé bí kò bá tilẹ̀ wọ ibẹ̀, ìrìn ọjọ́ 108 tó di ọjọ́ 138 kò tíì di iṣẹ́ mìíràn.

Nàìjíríà jogún òfin yìí lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ìdí nìyí tí mo fi rántí ẹ̀pà yẹn ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, nígbà tí ìjọba ti ẹnubodè Sèmè pa láìkìlọ̀. Oṣù kejìlá ọdún 2020 ni wọ́n tó kéde pé kí Sèmè ṣí. Ká ní obìnrin kan ń ṣe ọṣẹ ní Ìkẹjà, ó sì ti gbà láti kó 600 páálí fún oníbàárà ní Àkírà lóṣù kẹsàn-án ọdún yẹn. Láti Sèmè ni ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ ti ń gba Kútọnu àti Lomé kọjá. Bí ìwé rẹ̀ bá kàn sọ pé “ọṣẹ yóò dé Àkírà”, ẹjọ́ ẹ̀pà ń wò ó lójú: ọkọ̀ òkun ń ti Apápá lọ sí Tẹ́mà, ọṣẹ kì í bàjẹ́ lójú omi, owó tó lé sì di tirẹ̀. Bí ìwé bá sọ pé “nípa ọkọ̀ ilẹ̀, láti ẹnubodè Sèmè”, ọ̀rọ̀ yí padà, torí ọ̀nà náà ti di ara ohun tí wọ́n jọ rà tí wọ́n jọ tà. Bó bá sì jẹ́ pé tòmátì ni, kì í ṣe ọṣẹ, tí ìrìn ọjọ́ méjì di ti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹnu rẹ̀ yóò gba ọ̀rọ̀ ní kóòtù ju ti ọlọ́ṣẹ lọ.

Ìdàrúdàpọ̀ kan tún wà níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ òfin Bẹ̀nẹ̀ ni àdéhùn wọn ń tẹ̀ lé, òfin fúnra rẹ̀ ló fi ààyè sílẹ̀ fún ẹni tí ìdíwọ́ tó kọjá agbára rẹ̀ dí lọ́wọ́, bí ìwé kò tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀. Àdéhùn tó ń tẹ̀ lé òfin Nàìjíríà kò ní ìrọ̀rùn yẹn. Àwọn tó ń ṣòwò láti Lagos sí Kútọnu lójoojúmọ́ ń rìn láàárín òfin méjì, ó sì ń dùn mí pé púpọ̀ nínú wọn kì í kọ èyí tí àwọn ń tẹ̀ lé.

Ẹ̀dà gbólóhùn fọ́ọ̀sì majọ̀ọ́ tí wọ́n ń dà kọ láti ìwé sí ìwé, tó dárúkọ “ogun, ìkún omi àti iṣẹ́ ọwọ́ Ọlọ́run”, ohun tó ṣe fún ẹlẹ́pà ni yóò ṣe fún ọlọ́ṣẹ. Ọ̀rọ̀ tó kúrú tó sì dárúkọ nǹkan ló ń gbani. Bí mo bá jẹ́ ọlọ́ṣẹ náà, mo máa kọ ọ́ báyìí: “Bí ìjọba orílẹ̀-èdè kankan bá ti ẹnubodè Sèmè tàbí dín ọkọ̀ tó ń gba ibẹ̀ kù, olùtajà yóò kọ̀wé sí oníbàárà láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Bí títì náà bá kọjá ọjọ́ mẹ́rìnlá, oníbàárà yóò yan ọ̀kan: kí ẹrù gba ojú omi kí àwọn méjèèjì pín owó tó lé, tàbí kí àdéhùn parí kí owó tó ti san padà sí i lọ́wọ́.” Oníbàárà lè má gba ìpín owó náà. Ó lè ní ìdámẹ́rin ni òun yóò gbé. Kí wọ́n dúnàá-dúrà lé e lórí nígbà náà, nígbà tí ọṣẹ ṣì wà ní Ìkẹjà, tí Sèmè sì wà ní ṣíṣí.