Háà, ṣíbí kan ló di mẹ́ta yìí! Ẹ wo bí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ara ìgò oògùn ṣe lè sọ oògùn ibà di májèlé sọ́mọ lẹ́nu

Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ fún ọmọ yín ní oògùn olómi, "ṣíbí kan, lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́", ṣíbí wo lẹ máa mú? Ẹ má tíì dáhùn. Ẹ kọ́kọ́ lọ sí ilé ìdáná, kẹ́ ẹ kó gbogbo ṣíbí tó wà níbẹ̀ sórí tábìlì. Èyí tẹ́ ẹ fi ń ro tíì wà níbẹ̀, èyí tẹ́ ẹ fi ń jẹ ìrẹsì wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n pín fún yín níbi ìnáwó òkú bàbá àgbà kan lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn náà wà níbẹ̀. Kò sí èyí tó dọ́gba nínú wọn. Ṣùgbọ́n lẹ́nu Yorùbá, ṣíbí ni gbogbo wọn ń jẹ́, ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Ká gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí Ìdóàní, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ́, nípìnlẹ̀ Oǹdó. Ká ní ìyá ọlọ́mọ kan wà níbẹ̀ tára ọmọ rẹ̀ gbóná mọ́jú. Ọmọ ọdún kan ni, kílò 10 ló sì wọ̀n lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Bílẹ̀ ṣe mọ́, ìyá ọmọ gba kẹ́míìsì lọ, ó ra parasẹtamọ́ọ̀lù olómi. Wọ́n kọ 125mg/5ml sára ìgò náà, wọ́n sì kọ ọ́ lédè òyìnbó pé ṣíbí tíì kan ni kí wọ́n máa fún ọmọ tó bá tó bẹ́ẹ̀. Ọmọkùnrin tó ń tajà yẹ ìgò wò, ló bá ní, "Màmá, ẹ fún un ní ṣíbí kan láàárọ̀, ṣíbí kan lọ́sàn-án, ṣíbí kan lálẹ́."

Ọmọkùnrin yẹn kò parọ́. Ìyá ọmọ náà kò sì ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́. Nígbà tó délé, ó mú ṣíbí tí wọ́n fi ń jẹun, ó bu oògùn kún un, ó dà á sọ́mọ lẹ́nu.

Ohun tó sọ nù lójú ọ̀nà rèé. Òyìnbó ní orúkọ ọ̀tọ̀ fún ṣíbí tíì, ó sì ní orúkọ ọ̀tọ̀ fún ṣíbí ńlá. Nínú ìwé oògùn, mililítà 5 ni ti àkọ́kọ́, mililítà 15 ni ti èkejì. Ìyẹn ni pé ńlá kan jẹ́ kékeré mẹ́ta. Nígbà tí ẹni tó túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà ju "tíì" nù, tó kàn pè é ní ṣíbí, ó ti ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ fún ìlọ́po mẹ́ta láìmọ̀.

Kó tó di pé a ṣírò rẹ̀, ó yẹ ká mọ ohun tí àmì méjì tó wà lára ìgò yẹn ń sọ, nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń pe méjèèjì ní ìwọ̀n. Èyí tí wọ́n kọ ní ml, ìyẹn mililítà, ni bí omi oògùn ṣe pọ̀ tó. Èyí tí wọ́n kọ ní mg, ìyẹn miligíráàmù, ni bí oògùn gan-an tó wà nínú omi náà ṣe pọ̀ tó. Ẹ fi wé kọ́ọ̀bù tíì méjì tí wọ́n dọ́gba. Ẹ ju kóro ṣúgà kan sínú ọ̀kan, ẹ ju mẹ́rin sínú èkejì. Omi inú wọn kò ju ara wọn lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá tọ́ wọn wò ló mọ̀. Omi ni ml, ṣúgà ni mg. Ṣúgà yìí lara ọmọ sì ń bá jà, kì í ṣe omi.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ọmọ kílò 10 yẹn. Ohun tí àwọn dókítà ń lò fún parasẹtamọ́ọ̀lù ọmọdé ni miligíráàmù 10 sí 15 fún kílò kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò sì gbọ́dọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ láàárín wákàtí 24. Fún ọmọ yìí, kò gbọ́dọ̀ ju miligíráàmù 150 lọ lẹ́ẹ̀kan, kò sì gbọ́dọ̀ ju 600 lọ láàárín wákàtí 24. Mililítà 5 inú ìgò yẹn ní miligíráàmù 125. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ṣíbí ìjẹun ìyá rẹ̀ bá gba mililítà 15, miligíráàmù 375 ló wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo yẹn. Bó bá ṣe é láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́, ó ti di 1,125. Bára bá tún gbóná láàjìn, tí màmá àgbà ní kí wọ́n fi ọ̀kan kún un, ó di 1,500 fún ọmọ tí kò yẹ kó gbà ju 600 lọ. Bí wọ́n bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ méjì mẹ́ta, ẹ̀dọ̀ ọmọ ló máa forí fá a. Ìyá rẹ̀ á sì máa búra pé ohun tí wọ́n ní kóun ṣe náà lòun ṣe. Òótọ́ ló sì ń sọ.

Àwọn kan á ní, ṣebí kí wọ́n kàn túmọ̀ rẹ̀ dáadáa sí "ṣíbí tíì" ni, ọ̀rọ̀ bùṣe. Kò bùṣe o. Lórílẹ̀-èdè Gíríìsì, àwọn olùwádìí kan kó ṣíbí jọ nílé àwọn obìnrin 25, wọ́n sì wọn ohun tí ìkọ̀ọ̀kan ń gbà. Èsì náà jáde lọ́dún 2010. Àwọn ṣíbí tíì tí wọ́n kó jọ, èyí tó kéré jù gba mililítà 2.5, èyí tó tóbi jù gba 7.3. Orúkọ kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ́ nílé olówó wọn. Ní New York náà, àyẹ̀wò tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2014 fi hàn pé àwọn òbí tó ń fi ṣíbí pe ìwọ̀n oògùn ń ṣàṣìṣe ju àwọn tó ń fi mililítà pè é lọ. Ìyẹn wà lára ohun tó mú kí ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé l'Amẹ́ríkà sọ lọ́dún 2015 pé mililítà nìkan ni kí wọ́n máa kọ fún oògùn olómi, kí wọ́n gbàgbé ọ̀rọ̀ ṣíbí.

Kẹ́ ẹ má sì rò pé èdè tiwa nìkan lọ̀rọ̀ yìí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní àdúgbò Bronx ní New York kan náà, wọ́n yẹ ìwé tí kọ̀ǹpútà àwọn ilé oògùn túmọ̀ sí èdè Sípéènì wò, èsì rẹ̀ sì jáde lọ́dún 2010. Ìdajì wọn ló ní àṣìṣe nínú. Èyí tó bani lẹ́rù jù ni ọ̀rọ̀ òyìnbó tó túmọ̀ sí "ẹ̀ẹ̀kan" tí wọ́n bá fi sílẹ̀ láìtúmọ̀. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ gan-an ni wọ́n ṣe ń kọ mọ́kànlá lédè Sípéènì. Oògùn tí aláìsàn yẹ kó lò lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, ó lè kà á sí ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá.

Wàhálà kejì ni pé ìgò kan kì í ṣe ìgò kejì, bí orúkọ wọn tiẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Parasẹtamọ́ọ̀lù kan wà fún ọmọ ọwọ́ tí wọ́n máa ń kán sí wọn lẹ́nu, èyí tí wọ́n ń pè ní dúrọ́ọ̀pù. 100mg/ml ni wọ́n ń kọ sí púpọ̀ nínú wọn. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: mililítà 1 oògùn ìgò àkọ́kọ́ yẹn ní miligíráàmù 25, ti dúrọ́ọ̀pù ní 100. Kóro ṣúgà kan àti kóro mẹ́rin la wí yẹn. Ẹni tó bá há a sórí pé "mililítà 5 ni wọ́n máa ń fún ọmọ yìí", tó wá fà á nínú dúrọ́ọ̀pù, miligíráàmù 500 ló fún un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nítorí irú àṣìṣe yìí làwọn tó ń ṣe é l'Amẹ́ríkà fi bẹ̀rẹ̀ sí í pa tó le yẹn tì lọ́dún 2011, tí wọ́n sọ ti ọmọ ọwọ́ àti ti ọmọdé di 160mg/5ml. Ní Bìrìtéènì, 120mg/5ml ni tàwọn ọmọ wẹ́wẹ́, 250mg/5ml sì wà fáwọn tó ti pé ọdún mẹ́fà. Ẹ̀yin tí ẹ̀gbọ́n yín máa ń fi oògùn ránṣẹ́ láti ìlú òyìnbó, ẹ fojú sí ibẹ̀ dáadáa. Asẹtamínófẹ̀n tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń kọ sára ìgò tiwọn, parasẹtamọ́ọ̀lù yìí náà ni. Ẹ má lọ fún ọmọ ní méjèèjì pọ̀.

Báwo wá ni ká ṣe túmọ̀ rẹ̀ tí kò fi ní di ẹjọ́? Ẹni tó ń túmọ̀ kò gbọ́dọ̀ sọ mililítà di ṣíbí rárá. Kó fi ìwọ̀n sílẹ̀ bó ṣe wà lára ìgò, kó wá túmọ̀ ohun tí wọ́n máa ṣe. Fún ọmọ tí à ń sọ yìí, ohun tó yẹ kó wà nínú ìwé ni: "Ìgò tí wọ́n kọ 125mg/5ml sí nìkan ni o. Fi sírínjì ìfunni-lóògùn fà á dé ojú ilà 5ml. Ó kéré tán, jẹ́ kí wákàtí mẹ́fà kọjá kó o tó tún fún un. Kò gbọ́dọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ láàárín wákàtí 24." Ó gùn ju "ṣíbí kan" lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí èèyàn lè gbà ṣì í gbọ́ bọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ 2.5 ni, kí wọ́n tún fi ọ̀rọ̀ kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: mililítà méjì àbọ̀. Tí àmì kékeré àárín yẹn bá pa rẹ́, 25 ni yóò kù nílẹ̀, ìlọ́po mẹ́wàá sì nìyẹn.

L'Ìdóàní, ọ̀rọ̀ náà tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní àdúgbò Ìyayù, wọ́n ní èdè tiwọn tó bá èdè àwọn ará Ẹdó tan. Ọ̀rọ̀ oògùn lè ti inú òyìnbó bọ́ sí Yorùbá lẹ́nu ọlọ́jà, kó tún ti inú Yorùbá bọ́ sí èdè Ìyayù lẹ́nu ìyá ọmọ, kó tó dé etí màmá àgbà tó máa fún ọmọ lóògùn nígbà tí ìyá rẹ̀ bá lọ sóko. Ìtumọ̀ orí ìtumọ̀ ni. Ohun tó rọrùn jù ni kí nọ́ọ̀sì tàbí ọlọ́jà mú sírínjì náà, kó lẹ páálí tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ojú ilà tí oògùn gbọ́dọ̀ dé, nítorí kò sẹ́ni tó máa túmọ̀ ilà fún màmá àgbà. Lẹ́yìn náà, kó gbé sírínjì àti ìgò lé ìyá ọmọ lọ́wọ́, kó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fà á kí n rí i." Bó bá fà á kọjá ilà, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa mọ̀, kì í ṣe nílé.

Bó bá ti wá ṣẹlẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀tàn ló máa ń kọ́kọ́ ṣe. Ọmọ lè máa ṣeré lọ́jọ́ àkọ́kọ́ bíi pé kò sí nǹkan kan. Ó lè bì, ó lè kọ oúnjẹ, ó lè máa làágùn, táwọn ará ilé á sì máa rò pé ibà yẹn náà ni, tí wọ́n á tún bu ṣíbí mìíràn fún un! Ó lè di ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta kí inú tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún lápá ọ̀tún lókè, kí ojú rẹ̀ wá di yẹ́lò. Ẹ̀dọ̀ ti ń bàjẹ́ nígbà yẹn. Oògùn kan wà tó ń pa oró parasẹtamọ́ọ̀lù, asẹtilisisitíìnì ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n láàárín wákàtí mẹ́jọ tọ́mọ gbé oògùn tó pọ̀ jù mì ló ti ń ṣiṣẹ́ jù. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dúró de ojú tó máa pọ́n bí iyeyè. Kí wọ́n má fún un ní epo pupa, kí wọ́n má tiẹ̀ ti ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun. Ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Kí wọ́n mú ìgò oògùn náà dání, kí wọ́n sì mú ṣíbí tí wọ́n fi bù ú, torí ara ṣíbí yẹn ni dókítà ti máa mọ iye tó ti wọ ọmọ nínú.